Ìlà Karùn-ún Nínú Ìwé Gbèsè Télọ̀

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìtàn kékeré kan ni mò ń kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ń tẹ ìwé àkọsílẹ̀ bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé sínú kọ̀ǹpútà. Télọ̀ ni bàbá náà, orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ló kún inú ìwé ọ̀hún, láti 1971 sí 1974. Ó wá kan ìlà kan tí kò ṣe é kà. Mo kọ ọ́ pé òjò ló fọ báírò ibẹ̀ nù, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ wà níbẹ̀. Mo fi ohun tí mo ti kọ ránṣẹ́ sí yín. Báwo ni ọmọ náà ì bá ṣe ṣe é gan-an? Ṣé kó rí i kà níkẹyìn ni, àbí kó má rí i kà?*

Àbúrò mi, òjò yẹn ni irọ́ tí wọ́n ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Omi kì í fọ báírò nù. Tàdáwà inú báírò ki, ó sún mọ́ epo ju omi lọ. Ìwé lè já sí gọ́tà, kí ewé rẹ̀ wú, kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, bó bá gbẹ tán, ohun tí báírò kọ á ṣì wà níbẹ̀. Sípíríìtì ló ń tú báírò, lọ́fíndà náà ń tú u. Èyí tí omi ń fọ̀ lọ ni tàdáwà inú ìgò tí wọ́n ń ti gègé bọ̀. Pẹ́ńsù kan sì wà láyé ìgbà yẹn tó jẹ́ pé bí omi bá ti kàn án, á di àwọ̀ elésè àlùkò, á sì ràn káàkiri ojú ewé.

Ká tilẹ̀ gbà pé tàdáwà inú ìgò ni bàbá náà lò, ìbéèrè míì tún ń bẹ nílẹ̀. Nínú ohun tí o kọ, ìlà kẹrin mọ́ kedere, ìkẹfà náà mọ́ kedere, ìkarùn-ún nìkan ni kò sí mọ́. Òjò wo ló ń ṣa ìlà kan mú láàárín mẹ́fà? Ẹni tó bá ti tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, bí èmi tí mò ń fi í jẹun, yóò ti mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, jẹ́ kó jẹ́ bàbá náà fúnra rẹ̀ ló fi báírò ha orí ìlà náà, síwá sẹ́yìn, títí kò fi ṣe é kà mọ́. Bí o bá ṣe ìyẹn, o ti ní ìtàn. Òjò ò ní ìdí kankan tó fi ṣe ohun tó ṣe, bàbá ní.

Ó kù kí o yan àwọ̀ báírò tó fi ha á, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ kejì wà. Bó bá jẹ́ báírò búlúù ló fi kọ ìlà náà, tó sì wá fi pupa ha orí rẹ̀, ọmọ náà yóò rí i kà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kó sáà wo ojú ewé náà láti inú náílọ́nù pupa tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn. Gbogbo ojú ìwé á pọ́n, pupa tí bàbá fi ha á á rì sínú rẹ̀, búlúù á sì dúdú jáde lábẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ báírò kan náà ló fi kọ ọ́ tó sì fi ha á, kò sí náílọ́nù tó lè yà wọ́n, fóònù olówó ńlá ò lè ṣe é náà. Ìmọ̀ràn mi ni kó jẹ́ báírò kan náà. Ìtàn tí ọmọ bá ti rí gbogbo rẹ̀ kà lójú ẹsẹ̀ ti parí níbẹ̀.

Ní báyìí, ohun tí ọmọ náà yóò ṣe. Ohun àkọ́kọ́ ni èyí tí kò ní í ṣe: kò gbọdọ̀ fi rọ́bà pa á, kò gbọdọ̀ tọ́ omi sí i, kò sì gbọdọ̀ fi pẹ́ńsù ra ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú fíìmù. Pẹ́ńsù yẹn lè ba ìtẹ̀ tí báírò tẹ̀ sínú ìwé jẹ́, kò sì ní í ṣe é tún ṣe. Iná ni yóò lò. Báírò máa ń tẹ ìwé wọlé, pàápàá lọ́wọ́ télọ̀ tó ń kọ̀wé lórí tábìlì pẹlẹbẹ, tó jẹ́ pé ọwọ́ tó fi ń di sísọ́ọ̀sì aláṣọ nínípọn mú ló tún fi ń di báírò mú. Ewé tó wà lábẹ́ ojú ewé náà yóò ti gba ìtẹ̀ yẹn. Kí ọmọ náà dúró di alẹ́, kí yàrá ṣókùnkùn (ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, àwọn oníná máa ń bá wa ṣètò ìyẹn láìgba owó), kó gbé tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kí iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá lórí ewé, kó má ṣe tàn án láti òkè. Gbogbo kòtò kékeré á ní òjìji. Kó ya fọ́tò rẹ̀, kó gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sí apá kejì, kó tún yà á, kó tún gbé e sí òkè ìwé àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí pé ìlà tí iná bá gba gígùn rẹ̀ kọjá kì í hàn. Ibi tí ìlà náà ti fara hàn nígbà tí tọ́ọ̀ṣì wà lápá òsì, ó lè má hàn rárá bó bá wà lápá ọ̀tún.

Má jẹ́ kó rí ju bó ṣe yẹ lọ o. Báírò tí bàbá fi ha á náà tẹ ìwé wọlé, ó tilẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ ju lẹ́tà lọ. Ohun tó ń gba ọmọ náà là ni pé ọwọ́ tó ń ha nǹkan ń lọ síwá sẹ́yìn lọ́nà kan ṣoṣo, lẹ́tà sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó bá yọ sókè kọjá ibi tí wọ́n ha, lẹ́tà ló ni ín. Ohun tó bá yọ sísàlẹ̀, ìrù lẹ́tà ni. Jẹ́ kó rí igi gíga kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kó rí ìrù kan lábẹ́ lẹ́tà kejì, kó sì rí i pé gígùn orúkọ náà tó ti "Broda Reluwe" tó wà lókè rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló tó. Kó wá lọ sí àwọn ojú ewé tó mọ́, kó wo bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kọ "Iya", kó gé fọ́tò "Iya" márùn-ún tàbí mẹ́fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Igi gíga, ìrù lábẹ́ lẹ́tà kejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ "Iya" ló bẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Ó ṣeé ṣe ni mo sọ, n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti gbà mí gbọ́ jù lọ rèé: iye owó ìlà náà kò nílò ojú, ìṣirò ló nílò. O ti fi ojú ewé náà sí ìparí ọdún 1972, bóyá o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí ó kàn bọ́ sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 1973 ni Nàìjíríà fi owó pọ́n-ùn sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, pọ́n-ùn kan sì di náírà méjì. Oníṣòwò tó bá ń kọ gbèsè sílẹ̀ yóò ṣí ojú ewé tuntun, yóò kó gbogbo gbèsè tó kù síbẹ̀ ní owó tuntun. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ti ro ti àtijọ́ pọ̀. Jẹ́ kí ojú ewé oṣù Dìsẹ́ńbà náà rí báyìí, pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà:

Iya Kehinde, 2-0-0
Broda Reluwe, 1-5-0
Alh. Oke, 0-15-0
Iya Oniresi, 3-10-0
(ìlà tí wọ́n ha)
Tisa, 0-7-6
Gbogbo rẹ̀, 12-7-6

Pẹ́nì 12 ló wà nínú ṣílè kan, ṣílè 20 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ọmọ náà kò mọ èyí, wọn kò tíì bí i. Jẹ́ kó bi ẹnìkan léèrè, kó sì kọ́kọ́ ṣì í rò bíi pé ọgọ́rùn-ún-ọgọ́rùn-ún ni. Nígbà tó bá wá rò ó bó ṣe yẹ, ìlà márùn-ún tó mọ́ yóò jẹ́ 7-17-6. Kó yọ ọ́ kúrò nínú 12-7-6, yóò ku 4-10-0. Pọ́n-ùn mẹ́rin àti ṣílè mẹ́wàá: òun ni gbèsè tó tóbi jù lójú ewé náà, òun náà ló wà nínú ìlà tí bàbá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí.

Kó wá ṣí ojú ewé Jánúárì. Iya Kehinde, ₦4. Broda Reluwe, ₦2.50. Alh. Oke, ₦1.50. Iya Oniresi, ₦7. Tisa, kọ́bọ̀ 75. Gbogbo rẹ̀ ₦15.75. Ká ní ìlà karùn-ún bá wọn sọdá ni, ₦9 ni ì bá jẹ́, àròpọ̀ ì bá sì jẹ́ ₦24.75. Kò sọdá. Nígbà tí owó gbogbo ayé ń yí padà, bàbá náà fi gbèsè kan sílẹ̀ sínú owó àtijọ́.

Má tíì sáré pariwo pé ó dárí jì í o. Òǹkàwé tó gbọ́n yóò bi ọ́ bóyá ẹni náà kàn wá san án ni, láàárín ọjọ́ tí bàbá ro owó pọ̀ àti ọjọ́ tó ṣí ojú ewé tuntun. Ìbéèrè tó dára ni, ọmọ náà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ kí òǹkàwé tó bi í. Inú ìwé náà ni ìdáhùn rẹ̀ wà: kí ni bàbá rẹ̀ máa ń ṣe bí ènìyàn bá san owó? Jẹ́ kí ọmọ náà padà sí 1971, kó rí i pé lórí gbogbo gbèsè tí wọ́n san, ìlà kan ṣoṣo ni bàbá máa ń fà, tínrín, tí orúkọ ṣì hàn kedere lábẹ́ rẹ̀, tó sì máa ń kọ "o tan" sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ọjọ́. Ìdí wà fún un: oníṣòwò kì í pa orúkọ ẹni tó sanwó rẹ́, torí ọjọ́ tí àríyànjiyàn bá dé, ìlà yẹn ni ẹlẹ́rìí. Nínú gbogbo ìwé náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ha orúkọ mọ́lẹ̀, kò kọ "o tan", kò kọ ọjọ́. Ìyẹn kò tíì sọ pé ó dárí jì í. Ó lè jẹ́ ìbínú, ó lè jẹ́ ìtìjú, ó lè jẹ́ pé ẹni náà kú. Ó kàn sọ fún wa pé kì í ṣe sísan.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ti ń yún ọ láti sọ "Iya" yẹn di ìyá ọmọ náà gan-an, pé aṣọ ìfẹ́ ni, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Jọ̀wọ́, má ṣe é. Gbogbo ènìyàn ni yóò ti rí i bọ̀ láti ojú ewé kejì. Má sì fi ìyàwó ìkọ̀kọ̀ ní Ìdúmọ̀tà dí i.

Ẹni tí mo rò pé ó sonù nínú ìtàn rẹ ni ọmọ iṣẹ́. Kò sí télọ̀ gidi tí kì í ní ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ló ń gbé aṣọ lọ sílé oníbàárà, òun ni wọ́n ń rán lọ sin gbèsè, òun ló mọ ilé ẹni tí kì í ṣílẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 1972, àgbàlagbà ni báyìí, bóyá ní Mushin. Jẹ́ kí ọmọ náà lọ bá a, kó sì gbọ́n nípa bó ṣe máa bi í. Bó bá gbé fọ́tò síwájú rẹ̀ tó ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe Ìyá báyìí báyìí rèé?", àgbà náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, tọkàntọkàn, kò sì ní í jẹ́ irọ́ lójú tirẹ̀. Ohun tí a bá fi sí àgbàlagbà lẹ́nu ló máa ń rántí. Kó bi í láìfi nǹkan kan hàn án: "Ẹ jọ̀wọ́, àwọn wo ló jẹ bàbá mi lówó Kérésì ọdún tí náírà dé?" Bí àgbà náà bá fúnra rẹ̀ dárúkọ Ìyá Onírẹsì àti Tíṣà, èyí tí ọmọ náà ti ní lákọsílẹ̀, a jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí pépé, ọ̀rọ̀ tó bá sì wá tẹ̀ lé e yẹ ní gbígbọ́. Bó bá ní Ìyá Onírẹsì ló jẹ gbèsè tó pọ̀ jù, ọmọ náà ti mọ̀ pé ó ti ń da ìlà kẹrin pọ̀ mọ́ ìkarùn-ún. Bó bá sì dárúkọ obìnrin kan tí kò sí níbòmíì nínú ìwé náà, kí ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀rí ẹnu, kó má gbé e lọ sínú ìwé bàbá rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí a kà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a gbọ́.

Ìyẹn gbé mi dé ibi títẹ̀. O jẹ́ kí bàbá náà máa kọ "wọ́n", "ènìyàn", "ayé", gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, bíi pé ó wà ní kíláàsì èdè Yorùbá ní yunifásítì. Ẹni tó lọ sílé ìwé ní nǹkan bí 1950 kò ní í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Nwọn" ni yóò kọ, "enia", "aiye", "yio", láìsí àmì lórí, ọ̀pọ̀ ìgbà láìsí àmì nísàlẹ̀ pàápàá. Ọdún 1966 ni ìgbìmọ̀ jókòó lórí àkọtọ́, ọdún 1974 ni ìjọba tó fọwọ́ sí àtúnṣe náà, ọdún tí ìwé bàbá náà parí gan-an. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ tún un ṣe bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kó sì pa ohun tó ń tún ọ̀rọ̀ kọ fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, torí lójijì ni "enia" yóò di nǹkan míì kó tó mọ̀. Fún iṣẹ́ wíwá lẹ́tà inú ìlà tí wọ́n ha, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan: bó bá ń retí "wọn" níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ "nwọn", yóò ka lẹ́tà kan dín, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ á sì yẹ̀.

Fún ìlà karùn-ún náà, àkámọ́ onígun ni a máa ń lò, kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ni ìwé. Bí èmi bá ni mo tẹ̀ ẹ́, báyìí ni yóò rí:

[Iya?] [ọ̀rọ̀ kan tí òǹkọ̀wé ha mọ́lẹ̀, nǹkan bíi lẹ́tà mẹ́jọ], [4-10-0: ìṣirò láti inú àròpọ̀, kò ṣe é kà]

Àmì ìbéèrè wà lẹ́yìn "Iya" torí àbá ni. Owó wà nínú àkámọ́ tirẹ̀ torí ó dájú, ṣùgbọ́n ojú kọ́ ló rí i. Kò sí àmì ìdánudúró mẹ́ta-mẹ́ta tó ń fi àlàfo pamọ́, kò sì sí orúkọ tí wọ́n fi dí àlàfo láìsọ. Mo ti rí àwọn ọmọ tó kọ ohun tí wọ́n rò síbẹ̀ wẹ́rẹ́ láìsí àkámọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn fúnra wọn kò mọ èyí tí bàbá kọ àti èyí tí àwọn kọ mọ́.

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ: kó rí owó, kó má rí orúkọ, kó sì mọ̀ pé kì í ṣe sísan ni wọ́n san án. Ìlà tí a tẹ̀ sókè yìí gan-an ni kí o fi parí, bó ṣe wà, pẹ̀lú àkámọ́ rẹ̀. Pa ẹkún yẹn rẹ́ pátápátá. Ẹni tó ń yọ 7-17-6 kúrò nínú 12-7-6 láago méjì òru kò ráyè sunkún.

Ohun kékeré méjì ló kù. O ní ọjọ́ Ẹtì ni 30 Dìsẹ́ńbà 1972, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ó tilẹ̀ dára fún ọ bẹ́ẹ̀, torí télọ̀ tó ń ro owó ọ̀sẹ̀ pọ̀ kó tó ti ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò ṣe é. O tún jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù náà dá páropáro ní ọ̀sẹ̀ kìíní Jánúárì, pé ọdún ti parí. Kérésì ló parí. Iléyá ọdún yẹn bọ́ sí àárín Jánúárì, nítorí náà aṣọ Alh. Oke ṣì wà lórí máṣíìnì, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù.